Etí Tó Dí Lẹ́yìn Ọ̀fìnkìn: Ẹ̀yìn Imú Ni Kí Ẹ Wò

Bí ọ̀fìnkìn bá lọ tán tí etí kan bá dí pa sílẹ̀, inú ihò etí ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹnì kan á ti ọmọ ìka bọ̀ ọ́, á máa mì ín. Ẹlòmíràn á wá ìyẹ́ adìẹ tàbí òwú orí igi, ẹlòmíràn á gbé òróró kaná díẹ̀, á kán an sí i. Ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ á yà sí kẹ́míìsì, á ra oògùn ìkánsétí pẹ̀lú oògùn apakòkòrò. Ọjọ́ á máa gorí ọjọ́, etí ò ní ṣí. Kì í ṣe pé oògùn ọ̀hún kò dára. Ibi tí wọ́n ń kán an sí kọ́ ni ìdíwọ́ wà. Ẹ̀yìn imú ló wà, lókè ọ̀fun, níbi tí ìka kò lè dé, tí òróró kò sì lè ṣàn dé, nítorí pé ìlù etí ti pààlà sáàárín wọn.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn etí, imú àti ọ̀fun. Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ti wọlé títí tí òjò àkọ́rọ̀ á fi rọ̀, ẹjọ́ etí dídí yìí ni mo máa ń gbọ́ jù lọ, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó ti fi òróró gbígbóná bó ihò etí ara rẹ̀ nítorí àrùn tí kò sí níbẹ̀.

Ihò etí tí a ń rí lóde kò jìn. Nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà méjì ààbọ̀ péré ni, ó ti dé ìlù etí, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí kò tó èékánná ọmọ ìka ní fífẹ̀. Lẹ́yìn awọ yìí ni yàrá kékeré kan wà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, tí eegun wínníwínní mẹ́ta sì so mọ́ra wọn níbẹ̀, tí wọ́n ń gbé ìró lọ sínú. Etí àárín ni yàrá náà. Ìlù etí kò lè gbọ̀n bó ṣe yẹ àfi bí agbára afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá bá ti iwájú rẹ̀ dọ́gba, ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ sì ń gbà wọ ẹ̀yìn ọ̀hún. Lára àgbàlagbà, ọ̀nà yìí gùn tó sẹ̀ńtímítà mẹ́ta ààbọ̀. Ó gba àárín eegun, lẹ́yìn náà ó gba àárín eegun rírọ̀, ó sì lọ ṣí sí ẹ̀yìn imú níbi tí imú ti ń bá ọ̀fun pàdé. Bartolomeo Eustachi, oníṣègùn ará Ítálì kan tó kú ní 1574, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké, orúkọ rẹ̀ sì ni àwọn dókítà fi ń pè é títí dòní. Èmi á máa pè é ní ọ̀nà etí-sí-imú, nítorí pé ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn.

Pípadé ni ọ̀nà yìí máa ń wà. Ìgbà tí a bá gbé itọ́ mì tàbí tí a bá yán ni iṣan kékeré kan tó wà ní àjà ẹnu máa ń fà á ṣí, kò sì ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó tún padé. Ìró kékeré tó máa ń ta pọ́ nínú etí bí a bá yán, òun nìyẹn. Ó nídìí tó fi ń padé. Bí kò bá padé, ohùn wa àti èémí wa á máa dún gbọ̀ngbọ̀n sínú etí, ikun imú á sì máa gòkè lọ síbi tí kò yẹ kó dé.

Ṣùgbọ́n awọ tó tẹ́ inú yàrá náà kì í sinmi. Tọ̀sántòru ló ń fa afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ mu sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí a sì ṣe ń gbé itọ́ mì ni a ń fi òmíràn rọ́pò èyí tó lọ. Bí ọ̀fìnkìn bá mú kí ẹnu ọ̀nà ọ̀hún wú, iṣan á fà á títí, kò ní ṣí, bẹ́ẹ̀ fífà tí awọ ń fa afẹ́fẹ́ mu kò dúró. Afẹ́fẹ́ inú á wá dín kù, ti òde á máa ti ìlù etí wọnú, bí ara ike omi ṣe máa ń wọnú bí ènìyàn bá fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ìlù tí wọ́n ti fà le bẹ́ẹ̀ kò lè gbọ̀n dáadáa mọ́. Ohùn àwọn ènìyàn á wá dà bíi pé ó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, etí á wúwo, á máa ta pọ́pọ́ nígbà mìíràn, á sì máa hó. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, awọ inú yàrá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sun omi. Nítorí náà, òótọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé omi wà létí àwọn ń sọ. Omi ọ̀hún ni kì í ṣe omi ìwẹ̀.

Olùkọ́ girama kan wá bá wa ní Ìbàdàn nínú oṣù kìíní, obìnrin tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ bo etí òsì.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ omi tó wà létí mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí àwọn ọmọ bá ń dáhùn ní kíláàsì, mi ò gbọ́ ti àwọn tó jókòó lápá òsì mi mọ́.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ṣé ọ̀fìnkìn ṣe yín kó tó bẹ̀rẹ̀?”

“Ó ṣe mí, ṣùgbọ́n ó ti lọ.”

“Imú yín ńkọ́, kò dí mọ́?”

“Àárọ̀ nìkan ló máa ń dí, á sì máa yún mi, mà á wá sín títí. Ìyẹn ò jẹ́ nǹkan kan, gbogbo ìgbà ọyẹ́ ló máa ń ṣe mí bẹ́ẹ̀.”

Ohun tó sọ gbẹ̀yìn yẹn, tó fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, òun gan-an ni à ń wá. Dókítà fi iná wo etí ọ̀tún rẹ̀, ó sì ní kí èmi náà wá wò ó. Ìlù etí náà mọ́, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti eérú tó funfun. Nígbà tó bọ́ sí ti òsì, kò sí ìdọ̀tí kankan nínú ihò náà, òróró tó ti ń kán sí i nìkan ló ṣẹ́kù lára. Ṣùgbọ́n ìlù ọ̀hún ti wọnú lọ. Eegun kékeré tó fara tì í lẹ́yìn yọ síta ketekete, àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n bíi ti oyin tí a fi omi lù, ìlà tín-ín-rín kan sì wà láàárín rẹ̀ níbi tí omi dé, pẹ̀lú hóró afẹ́fẹ́ méjì lókè ìlà náà. Dókítà ní kó di imú kó sì gbé itọ́ mì. Ìlù ọ̀tún mì fìrì. Ti òsì kò mira.

Ó tún ní kó pa ẹnu dé kó máa kùn ní “hùn-ún-ùn”, kó sọ etí tí ìró náà ti pọ̀ jù. Òsì ló sọ, ó sì yà á lẹ́nu pé etí tí kò gbọ́ràn ló ń gbọ́ ìkùnsínú ju èyí tó mọ́ lọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí ìṣòro bá wà ní ọ̀nà tí ìró ń gbà wọlé, ìró tó gba inú eegun orí á rinlẹ̀ sí etí tó dí. Bó bá jẹ́ pé iṣan tó ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ ló kú, etí tó dá ni ìró náà á pọ̀ sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ṣì máa padà sórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn bí ìlù etí ṣe ń gbọ̀n náà sọ ohun kan náà: ìlà ti òsì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ọ̀fìnkìn lásán kì í sábà pẹ́ tó báyìí. Bí àìsàn ọ̀hún bá lọ, wíwú náà á rọlẹ̀, lára ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ni etí máa ń ṣí fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, láìlo nǹkan kan. Ti ẹni tí ara rẹ̀ kọ eruku ló máa ń yàtọ̀. Ọ̀fìnkìn ló máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àlẹ́jì á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní jẹ́ kí wíwú ọ̀hún rọlẹ̀. Àwọn ẹ̀rí kan wà tí a fi ń dá a mọ̀. Ọ̀fìnkìn máa ń mú ara gbóná díẹ̀, á máa dun ọ̀fun, ikun rẹ̀ á ki, á sì tán. Àlẹ́jì kì í mú ara gbóná. Ńṣe ni imú àti ojú á máa yún, ikun rẹ̀ á dà bí omi, ènìyàn á máa sín léraléra láàárọ̀ tàbí bó bá ti ń gbálẹ̀, á sì máa padà wá ní àsìkò kan náà lọ́dọọdún. Olùkọ́ wa yìí ń mí eruku ọyẹ́ nílé, ó ń mí ẹfun ìkọ̀wé níbi iṣẹ́, ó tún ń sun ẹfọn-má-bù-mí oní-èéfín sí ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀ lálẹ́. Imú rẹ̀ kò rí àyè sinmi rárá.

Nítorí náà, imú la bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ́ ọ ní bí á ṣe máa ṣe é, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ti ń bàjẹ́: oògùn tó yẹ wà lọ́wọ́ aláìsàn, bí wọ́n ṣe ń lò ó ni ẹnikẹ́ni kò fi hàn án.

Omi iyọ̀ la kọ́kọ́ fi fọ imú. Ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, tí a gé lórí kó má ga, sínú omi tó tó 240 mílílítà, ìyẹn ife kan. Omi náà gbọ́dọ̀ ti hó fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí a sì jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó kan imú. Ọ̀rọ̀ híhó yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣejù. Kòkòrò kan wà tó lè wà nínú omi odò, omi kànga àti omi ẹ̀rọ tí wọn kò fi oògùn sí. Bí ènìyàn bá mu ún kò ní ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bó bá gba imú wọlé, ó lè dé ọpọlọ, ẹni tó bá sì dé ọpọlọ rẹ̀ kì í sábà yè é. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ lóòrèkóòrè rárá, síbẹ̀ kò sídìí tí ènìyàn á fi dán an wò nígbà tí iná wà. Kódà bó jẹ́ omi inú ọ̀rá ni, ẹ sè é. Ènìyàn á tẹ orí síwájú lórí abọ́, á la ẹnu sílẹ̀, á sì rọra tú omi náà sí ihò imú kan kó máa gba èkejì jáde. A kì í fi ipá tì í, nítorí pé omi tí a bá fi ipá tì lè gba ọ̀nà etí-sí-imú lọ sínú etí.

Lẹ́yìn tí imú bá ti mọ́ ni oògùn ìfínmú kàn. Irú èyí tí dókítà fún un ni flutikásóònù, èyí tó máa ń mú wíwú àlẹ́jì rọlẹ̀. Mo ní kó fi oògùn tó ti ń lò nílé hàn mí bó ṣe ń fín in. Ó gbójú sókè, ó ki ẹnu ìgò náà bọ imú gán-ín, ó fín in, ó sì fà á sókè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó ní òun máa ń tọ́ ọ wò lọ́fun, ìyẹn lòun fi mọ̀ pé ó ti wọlé. Bẹ́ẹ̀, oògùn tí a bá tọ́ wò lọ́fun ti kọjá ibi tí à ń rán an lọ, ikùn ló lọ. Bó ṣe yẹ ni pé kí ènìyàn gbo ìgò náà, kó tẹ orí síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń wo bàtà rẹ̀, kó fi ọwọ́ ọ̀tún fín ihò òsì, kó sì fi ọwọ́ òsì fín ihò ọ̀tún. Báyìí, ẹnu ìgò á kọjú sí ìhà etí, kò ní kọjú sí ògiri àárín imú, tó jẹ́ pé bí oògùn bá ń bà á lójoojúmọ́, ó lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Kó fín in, kó rọra mí sínú bí ẹni tó ń gbóòórùn òdòdó, kó parí síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni à ń lò ó, bí etí dí bí etí kò dí, nítorí pé ó máa ń tó ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ méjì, kí agbára rẹ̀ tó hàn. Ọ̀pọ̀ ló ń jù ú nù ní ọjọ́ kẹta, tí wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí agbára oògùn yìí mọ. Lára ẹni tí àlẹ́jì wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó wúlò gan-an fún imú. Lára ẹni tí kò ní àlẹ́jì, tó jẹ́ pé ọ̀fìnkìn nìkan ló dí i létí, kò sí ẹ̀rí tó dúró dáadáa pé ó ń mú kí etí tètè ṣí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi owó rẹ̀ pamọ́ kó sì fún ara ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Oògùn ìfínmú mìíràn wà tó ń ṣí imú lójú ẹsẹ̀, tí ọsimẹtasólíìnì wà nínú rẹ̀. Òun ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù, òun náà ló sì ń kó wọn sí wàhálà. Bí a bá lò ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, imú á bẹ̀rẹ̀ sí í wú padà bí agbára rẹ̀ bá ti ń tán, ènìyàn á tún fín in, á tún wú, títí imú kò fi ní ṣí mọ́ láìsí i. Ìpara mẹ́ńtọ́ọ̀lù tí à ń fi sí ihò imú kò ní irú ewu yìí, ṣùgbọ́n kì í mú wíwú kankan rọlẹ̀. Títutù rẹ̀ ló ń jẹ́ kó dà bíi pé afẹ́fẹ́ ń wọlé. Oògùn oníhóró tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ inú imú pọ̀ lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, nítorí náà kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru má ṣe dá a rà. Oògùn apakòkòrò kò ní iṣẹ́ kankan tó fẹ́ ṣe níbí, nítorí pé kòkòrò kọ́ ló ti ọ̀nà pa.

Ṣíṣí ọ̀nà náà fúnra rẹ̀ ló kù, ara sì ti mọ èyí tó dára jù nínú rẹ̀: gbígbé nǹkan mì àti yíyán. Ẹni tó ń mu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ní kékeré kékeré láàárín ọjọ́, tó ń jẹ ṣíngọ́ọ̀mù, tó sì ń mọ̀ọ́mọ̀ yán títí ẹ̀yìn àgbọ̀n rẹ̀ á fi fà, ń ṣí ọ̀nà náà lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ìyẹn kò bá tó, ọ̀nà méjì mìíràn wà. Èkíní ni kí ènìyàn bu omi díẹ̀ sẹ́nu, kó di imú pa, kó sì gbé e mì. Joseph Toynbee, oníṣẹ́ abẹ etí kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ọgbọ́n yìí. Ọ̀rọ̀ etí yìí náà ló pa á: ní 1866 ó ń dán an wò lára ara rẹ̀ bóyá èéfín kúlórófọ́ọ̀mù, tí ènìyàn bá fà á símú tó sì tì í lọ sínú etí, lè wo etí híhó sàn, kò sì jí mọ́.

Ìkejì ni ti Antonio Valsalva, ará Ítálì tó kọ̀wé lórí etí ènìyàn ní 1704. Ènìyàn á fi ìka méjì di imú, á pa ẹnu dé, á sì rọra ti èémí sí imú tó ti dì náà títí á fi gbọ́ ìró pọ́ létí. Ìwọ̀n agbára tí ó tó fún un ni èyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi máa wú díẹ̀. Bí kò bá ta, kó fi í sílẹ̀ di wákàtí mélòó kan. Mo ti rí àwọn tó fi gbogbo ara tì í títí ojú wọn fi pọ́n, òòyì sì kọ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Agbára tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ya awọ wínníwínní kan tó wà láàárín etí àárín àti etí inú, ohun tó sì ya níbẹ̀ lè gba ìgbọ́ràn lọ. A kì í ṣe é rárá nígbà tí ọ̀fìnkìn ṣì ń lọ lọ́wọ́ tí ikun imú ki tó sì pọ́n, nítorí pé ikun ọ̀hún la máa tì sínú etí. A kì í sì ṣe é bí etí bá ń dunni gidi.

Àṣà kan tún wà tí kò sẹ́ni tó kà á sí: fífa ikun sókè símú dípò ká fun ún. Gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá fà á fíìn, ó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú etí àárín ni. Ihò kan lẹ́ẹ̀kan ni kí a máa fun, jẹ́jẹ́, kí a di èkejì.

Bàlúùnù kékeré kan wà tí wọ́n ń tà, tí ènìyàn á fi ihò imú kan fẹ́ títí á fi wú tó ọsàn, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ á sì ṣí ọ̀nà etí-sí-imú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọdé 320 tí wọ́n wà láàárín ọdún mẹ́rin sí mọ́kànlá tí omi wà lẹ́yìn ìlù etí wọn, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, etí bí ìdajì àwọn tó ń fẹ́ ẹ ti padà sípò. Lára àwọn tí kò fẹ́ nǹkan kan, kò tó mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ìrànlọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pọ̀, ọmọ tí kò bá sì lè fi sùúrù fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ kò ní jàǹfààní rẹ̀. Ọ̀nà ti ọmọdé kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja, ìdí nìyẹn tí etí wọn fi máa ń dí ju ti àgbà lọ.

Olùkọ́ wa yìí fẹ́ wọ bàálù lọ sí Àbújá nínú ọ̀sẹ̀ kejì ìtọ́jú rẹ̀, nítorí ìgbéyàwó. Dókítà kọ́kọ́ ní kó bá mọ́tò lọ. Ó ní òun ò lè fara da ọ̀nà náà, wọ́n sì jọ ṣètò rẹ̀. Gígòkè bàálù kì í sábà da etí láàmú, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń pọ̀ sí i nínú etí á fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà jáde. Sísọ̀kalẹ̀ ni ìjà. Afẹ́fẹ́ inú bàálù á bẹ̀rẹ̀ sí í le padà, ó sì di dandan kí a máa ṣí ọ̀nà náà kó lè wọlé. Bí ènìyàn bá dúró títí etí fi dùn ún kó tó máa gbé itọ́ mì, agbára afẹ́fẹ́ òde á ti fún ọ̀nà náà pa débi pé iṣan kò ní lè fà á ṣí mọ́. Nítorí náà a ní kó fín ọsimẹtasólíìnì ní ìgbà kan ṣoṣo, nǹkan bí ìdajì wákàtí kí bàálù tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Kó má sùn. Kó máa mu omi tàbí kó máa jẹ ṣíngọ́ọ̀mù láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti kéde pé àwọn ti ń sọ̀kalẹ̀. Ó padà wá sọ pé etí náà dun òun díẹ̀ ní Àbújá, ṣùgbọ́n kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó wà lẹ́yìn ìlù rẹ̀ náà bá a ṣe é, nítorí pé omi kì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́.

Nílé, ó sọ ẹfọn-má-bù-mí oní-èéfín nù, ó sì lọ ta àwọ̀n. Aṣọ ibùsùn rẹ̀ di ohun tó ń fi omi gbígbóná fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó tún padà sí ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń ṣe, ó ń wọ́n omi sílẹ̀ kó tó gbálẹ̀. Ní kíláàsì, aṣọ tútù ló fi ń nu pátákó. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, sísín rẹ̀ dín kù, etí kò yí padà, ojú rẹ̀ sì ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Mo sọ fún un pé imú ló máa kọ́kọ́ sàn, etí á tẹ̀ lé e. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ní etí òun ń ta pọ́pọ́ bí òun bá ń jẹun, ó sì rò pé ó ń burú sí i. Àmì tí à ń retí gan-an nìyẹn: afẹ́fẹ́ ti ń wọ àárín omi. Nígbà tí dókítà tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìlà omi náà kò sí mọ́, nígbà tó sì di imú tó gbé itọ́ mì, ìlù òsì náà mì.

Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí omi ṣì wà níbẹ̀, dókítà lè lu ihò wínní sí ìlù etí kó sì fi ọ̀pá kékeré kan sí i kí afẹ́fẹ́ máa gba ibẹ̀ wọlé. Bàlúùnù kan náà wà tí wọ́n ń gba imú tì bọ ẹnu ọ̀nà náà láti fẹ̀ ẹ́, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2016. Ìwọ̀nba ènìyàn ló máa ń nílò wọn.

Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí omi kò kúrò nínú etí rẹ̀ kan ṣoṣo, tí kò ní ọ̀fìnkìn tí kò sì ní àlẹ́jì, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí dókítà fi iná wo ẹ̀yìn imú rẹ̀, pàápàá bí kókó bá yọ sí ọrùn rẹ̀ tàbí bí imú rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Jẹjẹrẹ tó ń hù ní ẹ̀yìn imú lè dí ẹnu ọ̀nà yìí, nígbà mìíràn etí dídí sì ni ohun àkọ́kọ́ tó máa fi hàn. Ẹni tó sì jẹ́ pé ohùn ara rẹ̀ àti èémí rẹ̀ ló ń dún sí i létí, tí ara ń tù ú bó bá dùbúlẹ̀, ọ̀nà tirẹ̀ kò dí rárá, kò padé ni. Oògùn tó ń gbẹ imú á mú un burú sí i.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ẹni tó jí láàárọ̀ tí etí kan kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ lójijì. Òun náà á ní etí òun dí, bó sì ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyẹn. Kó pa ẹnu dé kó kùn. Bí ìkùnsínú náà bá pọ̀ sí etí tó dá, kì í ṣe ọ̀nà etí-sí-imú ló dí, iṣan ìgbọ́ràn ló ṣeé ṣe kó kú, oògùn tó lè gbà á là sì ní àsìkò. Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, bí ọ̀sẹ̀ méjì bá sì kọjá, ìrètí rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Kódà bí kíkùn náà kò bá yé e, kó má dúró ṣàwárí rẹ̀. Kó má kán nǹkan kan sí i, kó má dúró de ọjọ́ Ajé. Kó lọ sí ilé ìwòsàn tó ní dókítà etí lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá rí níbẹ̀ pé láàárọ̀ yìí ni etí òun lọ, kì í ṣe pé ó dí.